Bí mo ṣe tún àdéhùn gbèsè fìríìsà mi ṣe

Ẹja dídì ni mo ń tà l'Ápẹ̀tẹ̀, n'Ìbàdàn. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, mo gbé fìríìsà ńlá kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gbà kéèyàn gbé ọjà kó sì máa san owó díẹ̀díẹ̀. ₦300,000 ni owó rẹ̀. Mo san ₦90,000 sílẹ̀, báǹkì kékeré kan tó ń yáni lówó sì san ₦210,000 tó kù fún oníṣọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́fà ni èmi ní láti fi san án padà fún wọn.

Èlé náà jẹ́ náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, àmọ́ orí gbogbo ₦210,000 ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ títí dé ìparí, bí mo tilẹ̀ ti san ìdajì. ₦35,000 owó ọjà àti ₦10,500 èlé, àpapọ̀ rẹ̀ ₦45,500, ni wọ́n ń yọ lára káàdì mi ní ọjọ́ karùn-ún oṣù.

Mo san ti oṣù kejì àti ìkẹta pé. Nígbà tó di oṣù kẹrin, tiransifọ́mà àdúgbò wa jó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la ò fi ríná. Páálí ẹja mẹ́rin ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọn ò rí nǹkan kan yọ. Ogún ọjọ́ lẹ́yìn náà ni mo tó rí ₦20,000 fi ránṣẹ́. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn pé ₦25,500 ló kù nínú ti oṣù yẹn, pé tí ti oṣù karùn-ún bá wọlé, ₦71,000 ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́. Àfi bí wọ́n ṣe fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé ₦83,560 ni mo jẹ.

Mi ò bá wọn jà. Mo ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ bí gbèsè mi ṣe ń lọ sókè lójoojúmọ́ ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ń jẹ owó mi. Ìtanràn wọn jẹ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ lórí owó tó ti kọjá àkókò, ìyẹn ₦455 lójoojúmọ́. Láàárín ogún ọjọ́, ó ti di ₦9,100. Nígbà tí ₦20,000 mi sì wọlé, ìtanràn ni wọ́n kọ́kọ́ fi san, ₦10,900 péré ló kan gbèsè. ₦34,600 wá ṣì wà nílẹ̀, òun náà tún ń bí ₦346 lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá péré, ₦3,460 tún ti gun orí rẹ̀. Ẹni tó bá ń san díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tó dá, ìtanràn ló ń kọ́kọ́ san.

Àbúrò mi ní kí n kó owó mi lọ sí báǹkì mìíràn. Mo wo ìwé tí mo fọwọ́ sí, mo rí GSI níbẹ̀. Láti ọdún 2020 ni ètò yẹn ti wà: báǹkì tó yá ọ lówó lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì rẹ ní báǹkì mìíràn, nítorí BVN kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n yáni àti èlé rẹ̀ nìkan ni òfin náà gbà kí wọ́n fi í yọ, kì í ṣe ìtanràn. Mo fi ìyẹn sọ́kàn kí n tó pè wọ́n.

Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ṣe jẹ́jẹ́. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká sọ gbogbo ẹ̀ di gbèsè tuntun, oṣù mẹ́fà." Mo bi í léèrè iye tó máa jẹ́. Ó ní àwọn máa fagi lé ìtanràn ₦3,460, kí ₦171,100 tó kù, ìyẹn ₦34,600 àti ₦45,500 lọ́nà mẹ́ta fún oṣù karùn-ún sí ìkeje, wá máa gba èlé márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù fún oṣù mẹ́fà. Mo mú ẹ̀rọ ìṣírò: ₦51,330 ni èlé yẹn máa jẹ́, bẹ́ẹ̀ èlé wà nínú ₦171,100 yẹn tẹ́lẹ̀!

Mo sọ fún un pé, "Ọmọ mi, mi ò ní gba èlé lórí èlé. Ojoojúmọ́ ni mo ń rówó, kì í ṣe lóṣù. Ẹ jẹ́ kí n máa san ní gbogbo ọjọ́ Ajé." Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ìpè kẹta ni wọ́n gbà: owó àfikún ₦8,900 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sọ gbogbo rẹ̀ di ₦180,000, ₦7,500 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. ₦9,100 tí wọ́n ti gbà kò padà wá, ó dùn mí.

Kí n tó san kọ́bọ̀, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ímeèlì pé ìtanràn ti dúró, pé wọ́n ti pa ìlànà yíyọ owó lọ́jọ́ karùn-ún rẹ́, nítorí tí wọn ò bá pa á rẹ́, ẹ̀rọ á ṣì lọ yọ ₦45,500 láàárọ̀ kùtù. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń fi owó sínú àkáǹtì báyìí. Mo ti san ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ku ₦67,500.