Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ṣọ́ra fún gréépù o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń lo nifẹ́dípìn tàbí felódípìn fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má jẹ gréépù, èyí tó jọ ọsàn ńlá, kì í ṣe èso àjàrà o, ẹ má sì mu júùsì ẹ̀. Mọ́mì mi ń lo nifẹ́dípìn láràárọ̀, ẹnì kan wá sọ fún wọn pé gréépù ń yọ́ ọ̀rá ikùn, ni wọ́n bá ń mu ife kan lójoojúmọ́. Ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ṣe dìde níbi àdúrà báyìí òòyì kọ́ wọn, àyà wọn ń lù kìkì, a wọn ìfúnpá wọn, 92/58, ẹni tó máa ń wà ní 130/80! A pe dókítà, ó ní ká dá júùsì yẹn dúró, ká má kàn dá oògùn dúró fúnra wa.

Nǹkan kan wà nínú ìfun wa tó máa ń fọ́ apá kan oògùn yìí dànù kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ti ro ìyẹn mọ́ iye tí wọ́n ní kéèyàn lò. Gréépù ló ń ba nǹkan ọ̀hún jẹ́, oògùn á wá wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Ife kan péré ti tó o, ó sì lè gba bí ọjọ́ mẹ́ta kí ìfun tó padà sípò, torí náà kéèyàn mu júùsì láàárọ̀ kó lo oògùn lálẹ́ ò yanjú ẹ̀.

Ọsàn dídùn tá a ń bó mu ò ní wàhálà, ọsàn kíkorò ló ń ṣe bíi gréépù. Ní ti lisinópírìlì, tóun náà jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ àfirọ́pò tó ní potásíọ̀mù ni kẹ́ ẹ yẹra fún.