Bí a ṣe ń ṣi owó ìdápadà oṣooṣù ṣírò

Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ní báńkì kékeré tàbí ní kọpúréétìfù ní Abẹ́òkúta, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń sọ fún un: ojú owó, èlé lọ́dún, àti iye oṣù tí yóò fi san án tán. Tí èlé náà kò bá ní yí padà títí gbèsè yóò fi tán, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tó láti mọ iye gan-an tí yóò máa san lóṣù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í kò pọ̀, ṣùgbọ́n owó gidi ló ń bá ibẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi aládìrẹ kan ní Ìtòkú ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ yá ₦600,000 láti fi ra aṣọ funfun, aró àti sódà. Èlé rẹ̀ jẹ́ 24% lọ́dún, oṣù 12 ni yóò sì fi san án.

Ẹ má ṣe gbé èlé odidi ọdún lé gbogbo ojú owó

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni pé ká wá 24% nínú ₦600,000. Ìyẹn jẹ́ ₦144,000. Ká wá rò ó mọ́ ojú owó, kó di ₦744,000, ká pín in sí ọ̀nà 12, kó jẹ́ ₦62,000 lóṣù. Ìṣirò yìí rọrùn, ó sì dà bíi pé ó tọ́.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbèsè náà. Tí ìyá aládìrẹ bá ti san ti oṣù kìíní, ₦600,000 kọ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó san án tán, gbèsè tó ṣẹ́ kù lọ́rùn rẹ̀ kéré gan-an, síbẹ̀ èlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ₦600,000. Owó tó ti dá padà ni ó ṣì ń san èlé lé lórí.

Tó bá jẹ́ pé lórí gbèsè tó kù ni èlé wà, fọ́múlà tí a ó lò nìyí. `P` ni ojú owó, `r` ni èlé oṣù kan, `n` sì ni iye oṣù:

```
P × r ÷ (1 − 1 ÷ (1 + r)^n)
```

Èlé oṣù kan ni 24% tí a pín sí 12, ìyẹn 2%, tí a ó kọ sínú fọ́múlà bíi 0.02. Ẹ kọ́kọ́ fi 1.02 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí yóò fi pé 12. Yóò fún yín ní 1.268242. Ẹ fi iye yìí pín 1, ó di 0.788493. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, ó ku 0.211507. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 0.02 sọ ₦600,000 di púpọ̀, kó jẹ́ ₦12,000, kí ẹ wá fi 0.211507 pín in. Ohun tí ẹ ó rí ni ₦56,736 ó dín kọ́bọ̀ díẹ̀.

Ẹ fi wé ₦62,000. Ìyàtọ̀ náà ju ₦5,200 lọ lóṣù, ó sì ju ₦63,000 lọ ní ọdún kan. Owó aṣọ ni yẹn.

Ibi tó ti ń dunni jù ni ìgbà tí a bá ń fi ayánilówó kan wé òmíràn. Èkíní ní 24%, ó sì ń gbé e lé gbogbo ojú owó. Èkejì ní 30%, ṣùgbọ́n lórí gbèsè tó kù. Ọ̀dọ̀ èkíní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sáré lọ. Ẹ ṣírò ti èkejì: 30% lọ́dún jẹ́ 2.5% lóṣù, owó oṣooṣù rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi ₦58,492. Ẹni tó pe 30% ló dínwó! Kódà, ẹni tó ń san ₦62,000 yẹn, èlé tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ lórí gbèsè tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 42% lọ́dún.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: “Ẹ jọ̀ọ́, èló ni èlé inú owó oṣù kejì?” Tí iye náà bá dọ́gba pẹ̀lú ti oṣù kìíní, gbogbo ojú owó ni wọ́n gbé e lé. Tó bá dín, lórí gbèsè tó kù ni.

Ẹ má ṣe da ọdún pọ̀ mọ́ oṣù

Èlé ọdún àti iye oṣù kì í bára wọn ṣiṣẹ́ nínú fọ́múlà kan náà. Ẹni tó bá fi 0.24 sí ipò `r`, tó sì fi 12 sí ipò `n`, yóò rí nǹkan bíi ₦155,789 lóṣù. Ó yẹ kó fu ẹnikẹ́ni lára lójú ẹsẹ̀: ìgbà mẹ́rin péré tó bá san iye yẹn, ó ti ju ₦600,000 lọ. Lórí Excel, bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
=PMT(0.24/12, 12, -600000)
```

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ọ̀pọ̀ ayánilówó ní ìgboro máa ń pe èlé tiwọn lóṣù, wọn á ní “2% ni.” Tó bá jẹ́ ti oṣù, ẹ má pín in sí 12 mọ́. Ẹ béèrè kó dá yín lójú.

Ẹ má ṣe gé nọ́ńbà kúrú láàárín ìṣirò

Àwọn kan á rí 1.268242, wọn á sọ ọ́ di 1.27 nítorí pé ó gùn. Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó oṣooṣù yóò di ₦56,444, tó fi nǹkan bíi ₦291 dín. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù kejìlá, nǹkan bíi ₦3,900 ni yóò ṣì wà lọ́rùn aládìrẹ wa, nítorí pé àìpé oṣù kọ̀ọ̀kan ń bí èlé tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gùn títí dé ìparí, kí ẹ tó gé e.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ tẹ̀ lé gbèsè náà. Oṣù kìíní: 2% nínú ₦600,000 jẹ́ ₦12,000, ìyẹn ni èlé. Nínú ₦56,736 tó san, ₦44,736 ló wọ ojú owó lọ, gbèsè wá ku ₦555,264. Oṣù kejì: 2% nínú ₦555,264 jẹ́ ₦11,105, nítorí náà ₦45,631 ló wọ ojú owó, gbèsè ku ₦509,633. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe máa lọ. Tí ìṣirò yín bá tọ́, gbèsè gbọ́dọ̀ tán ní oṣù kejìlá.

Owó fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń yọ kí wọ́n tó kó owó fúnni kò sí nínú èyí. Tí wọ́n bá yọ ₦10,000, ₦590,000 ni yóò kàn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lórí ₦600,000 ni èlé yóò ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́múlà yìí kò sì wúlò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí tí ìsanwó àkọ́kọ́ rẹ̀ kò bọ́ sí oṣù kan gééré lẹ́yìn tó gba owó. Nítorí pé a gbé kọ́bọ̀ sókè di ₦56,736, ìsanwó oṣù kejìlá yóò fi nǹkan bíi ₦3 dín sí ti àwọn yòókù.