Ẹ Kọ Lẹ́tà sí Onílé Lọ́jọ́ Tẹ́ ẹ Bá Gba Kọ́kọ́rọ́ ní Ìlú Ọba

Látìgbà tí mo ti padà sí Bódìjà, ọ̀dọ̀ mi làwọn òbí máa ń yà sí tí ọmọ wọn bá fẹ́ lọ kàwé ní Ìlú Ọba. Wọ́n á bi mí nípa òtútù, wọ́n á bi mí nípa ibi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́. Kò sẹ́ni tó máa ń bèèrè nípa dìpọ́sítì ilé, owó tí onílé máa ń gbà dání títí ẹ ó fi kó jáde. Ìgbà tówó bá ti há sọ́wọ́ éjẹ́ńtì tán ni fóònù mi máa ń dún.

Ẹ jẹ́ n sáré sọ èyí tó rọrùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí owó ilé yín fún ọdún kan kò bá tó £50,000, onílé kò gbọdọ̀ gba dìpọ́sítì tó ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Láàárín ọjọ́ 30 tó bá ti gbà á, ó gbọ́dọ̀ fi í sábẹ́ ààbò ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí, kó sì sọ èyí tó jẹ́ fún yín. Orúkọ tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sórí fóònù láti wá wọn ni Deposit Protection Service, mydeposits àti Tenancy Deposit Scheme. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó tán.

Ibi tó ti ń dun àwọn èèyàn ni ìwé tí éjẹ́ńtì máa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé. Ìwé yẹn máa ń ka yàrá kọ̀ọ̀kan àti ohun tó wà níbẹ̀: kápẹ́ẹ̀tì dáa, ògiri mọ́, ààrò dáa. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé tẹ́ ẹ ò bá fèsì láàárín ọjọ́ díẹ̀, a jẹ́ pé ẹ gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ń wá iṣẹ́, tó ń sáré káàkiri báńkì, kò ní ráyè kà á. Lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde, ẹlòmíì máa mú ìwé yẹn dání, á máa fi wé ohun tójú rẹ̀ rí. Gbogbo ẹ̀gbin àti àbùkù tí kò bá sí nínú ti àkọ́kọ́ ti di tiẹ̀ nìyẹn. Lóòótọ́, ayálégbé ló ni dìpọ́sítì, onílé ló sì yẹ kó mú ẹ̀rí wá kó tó yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ìwé tẹ́ ẹ ò fèsì sí ni ẹ̀rí tó máa mú wá.

Ọmọ àbúrò mi kan, ọmọ Òkè-Àdó, gba ilé £750 lóṣù ní Mánṣẹ́sítà. Dìpọ́sítì rẹ̀ jẹ́ £865. Ojú iná kan wà lórí pákó káńtà ìdáná, níbi tí ẹnì kan ti gbé ìkòkò gbígbóná kalẹ̀ rí, kẹ́tùlù tí wọ́n bá nínú ilé ló sì jókòó lé e. Ẹni tó kọ ìwé kò gbé kẹ́tùlù, ó kọ ọ́ pé káńtà dáa. Ọmọ náà rí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sọ fún éjẹ́ńtì lórí fóònù, éjẹ́ńtì ní kò sí wàhálà. Nígbà tó ń kó jáde, wọ́n yọ £310: £220 fún káńtà, £90 fún àbàwọ́n orí kápẹ́ẹ̀tì.

Ó gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ owó náà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹni tó máa dá ẹjọ́ yẹn kò ní wá sílé. Ìwé àti fọ́tò nìkan ló máa wò. Kì í ṣe Ìbàdàn tẹ́ ẹ ti lè pe olùtọ́jú ilé àti ìyá tó ń gbé lókè kí wọ́n wá jẹ́rìí. Àbàwọ́n kápẹ́ẹ̀tì hàn fírífírí nínú fọ́tò tí éjẹ́ńtì fúnra rẹ̀ yà lọ́jọ́ tí ọmọ náà wọlé, wọ́n dá £90 padà. Ti káńtà, kò ní ẹ̀rí kankan. Torí pé pákó náà ti gbó, tí onílé kò sì lè fi owó ayálégbé sọ ògbólógbòó di tuntun, wọ́n ní ìdajì ni kó san. £110 wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí ì bá kọ ní ìlà kan.

Ìlà kan yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kọ. “Káńtà bàjẹ́ díẹ̀” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èyí ló wúlò, ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì:

“Ilé ìdáná: ojú iná wà lórí pákó káńtà, lápá òsì ààrò, lábẹ́ ibi tí kẹ́tùlù wà. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8. Fọ́tò 4 àti 5.”

Fọ́tò méjì ni fún ohun kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láti òkèèrè kí yàrá lè hàn, ọ̀kan nítòsí pẹ̀lú rúlà. Ẹ gbé ohun tó bá ṣeé gbé. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ṣí ààrò, ẹ wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì bóyá ògiri ti bu dúdú. Ẹ kọ ìdọ̀tí náà sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ló ń dá ìjà dìpọ́sítì sílẹ̀ jù. Ímeèlì ni kẹ́ ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́ tàbí ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fèsì pé ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù! Ẹ má sọ fún mi pé éjẹ́ńtì yín jẹ́ èèyàn dáadáa. Ó lè ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó jáde.

Ọ̀rọ̀ mítà wá. Ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó máa sanwó ilé láìbèèrè gbèsè NEPA tí ayálégbé àná fi sílẹ̀. Ibo lọgbọ́n yẹn ń gbà lọ tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù? Láti ọjọ́ tílé ti bọ́ sọ́wọ́ yín ni ilé-iṣẹ́ iná ti máa ka owó sí yín lọ́rùn, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ bá wọn tọwọ́ bọ̀wé. Tí wọn ò bá rí nọ́ńbà gbà, wọ́n á fojú bù ú, ìlò ẹni àná sì lè wọnú tiyín. Torí náà, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lójú mítà, kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ náà hàn. Láti apá òsì ni ẹ ti máa kà á. Ẹ fi èyí tó pupa tàbí tó wà lẹ́yìn àmì ẹ̀sún sílẹ̀. Tí mítà bá ní iye ọ̀sán àti iye òru, ẹ kọ méjèèjì. Báyìí ni:

“Iná: 24817 kWh. Gáàsì: 03952. Mo kà á ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́. Fọ́tò 11 àti 12.”

Ẹ fi sínú lẹ́tà onílé, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ iná àti ti gáàsì. Nínú ilé tí mítà gbogbo fúláàtì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́. Ẹ tan kẹ́tùlù, kí ẹnì kan máa wo iná kékeré ojú mítà: tiyín ni èyí tó bá yára ṣẹ́jú.

Tó bá jẹ́ pírípéèdì, ẹ má tíì ra iná sí i. Gbèsè ẹni àná lè wà lórí rẹ̀, yóò sì máa gé nínú owó yín ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ra á. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà ná, ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé, kí wọ́n pa gbèsè náà rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba yàrá nínú ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé, òfin ilé-iṣẹ́ mẹ́ta yẹn kò de onílé yín. Lẹ́tà nìkan lẹ ní. Ẹ má sùn títí yóò fi fèsì pé òun ti rí i.