Bí a ṣe ń tún ìpínrọ̀ kan kọ títí yóò fi dùn ún kà

Ẹ jẹ́ ká mú ìpínrọ̀ kékeré kan tí kò sẹ́ni tí kò lè kọ ọ́:

"Lánàá, mo lọ sí ọjà. Mo gbé ọmọ mi. Mo ra iṣu. Mo gbé iṣu náà. Òjò ṣú. Mo wọ ọkọ. Ọkọ náà kún."

Ẹ kọ́kọ́ kà á sókè, kí ẹ sì fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ṣáájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. "Mo" ló bẹ̀rẹ̀ mẹ́rin nínú méje, gbogbo wọn ló sì kúrú, àfi bí ẹni ń rojọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má kàn fi "sì" so wọ́n pọ̀ o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń dúró sí. Ẹ bi ara yín pé: èwo ló ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èwo ló ṣáájú? Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yẹ kó wọnú gbólóhùn kan: "pọn ọmọ lọ", "bí mo ṣe ń". Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ló gba "kó tó". "Ni" wà fún ohun tí ẹ fẹ́ tẹnu mọ́, àmọ́ bó bá wà nínú gbólóhùn mẹ́ta léra wọn, ẹ máa dà bí ẹni ń jiyàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe. "Gbé" kò burú, ṣùgbọ́n òǹkàwé ò mọ ibi tí ọmọ wà. Ẹ̀yìn là ń pọn ọmọ sí, orí là ń ru ẹrù sí. Ohun tó bá pọ̀, a máa ń kó o ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ti ya àwòrán tí gbólóhùn odidi ì bá ṣàlàyé. Ó wá di:

"Lánàá, mo pọn ọmọ mi lọ sọ́jà. Bí mo ṣe ń ru iṣu tí mo rà bọ̀ nílé ni òjò ṣú. Kó tó rọ̀, mo ti sáré wọ ọkọ̀ kan tó kún fọ́fọ́."

Àṣìṣe ló kù. Nínú ti àkọ́kọ́, ọkọ ìyàwó ló kún, kì í ṣe mọ́tò! Ọkọ, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀: àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n. Èyí tó tún máa ń tan àwọn tó mọ̀wé pàápàá ni ọ̀rọ̀ ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn náà á di ti àárín: "mo ra iṣu", kì í ṣe "mo rà iṣu". Bí àbọ̀ bá ti lọ síwájú, ohùn ìsàlẹ̀ á padà, "iṣu tí mo rà". Bẹ́ẹ̀ náà ni "mo rà á".

Irú àṣìṣe kan ni kí ẹ máa wá nínú kíkà kan, láti gbólóhùn ìkẹyìn wá sókè, kí ìtàn má baà gbé ojú yín lọ.