Bí mo ṣe fi àtẹ ṣírò kọnfolúṣọ̀n ọ̀wọ́ nọ́ńbà méjì

Nínú ẹ̀kọ́ wa nípa sígínà, wọ́n ní kí á fi bírò àti bébà nìkan ṣírò kọnfolúṣọ̀n ọ̀wọ́ nọ́ńbà méjì, ìyẹn ọ̀nà ìsọdipúpọ̀ àti àròpọ̀ tó ń sọ ọ̀wọ́ méjì di ọ̀kan. Èkínní, x[n], níbi tí n ti jẹ́ àyè nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀wọ́, jẹ́ 2, −1, 3, 1, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti n = −1; èkejì, h[n], jẹ́ 1, 0, −2, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti n = 0. Ọ̀nà àtẹ ni mo yàn, nítorí pé kò ní kí á dojú h kọ ẹ̀yìn kí á tó máa sún un lórí x díẹ̀díẹ̀.

Mo to x sí orí àtẹ, mo to h sí ẹ̀gbẹ́ òsì, mo sì kọ èsì ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà méjì síbi tí wọ́n ti pàdé. Lẹ́yìn náà ni à ń ro àwọn èsì pọ̀ ní ìlà tó dagẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún lókè wá sí ọwọ́ òsì nísàlẹ̀, torí pé gbogbo èsì tó wà lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, n kan náà ni wọ́n jẹ́ ti.

Níbí ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Mo rò pé òdo kò fi nǹkan kan kún ìṣirò, mo sì fo ìlà rẹ̀. Ohun tí mo rí ni 2, −5, 5, −5, −2. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: àròpọ̀ x jẹ́ 5, ti h jẹ́ −1, nítorí náà àròpọ̀ èsì gbọ́dọ̀ jẹ́ −5, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Iye nọ́ńbà ló tú àṣìṣe náà fó: iye nọ́ńbà inú èsì gbọ́dọ̀ jẹ́ iye ti x àti ti h, kí á yọ ọ̀kan kúrò; 4 + 3 − 1 jẹ́ 6, márùn-ún péré ni mo sì ní. Ìlà òdo kò ní ohun tí à ń rò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó di àyè mú. Nígbà tí mo yọ ọ́, ìlà −2 gòkè ní ìpele kan, gbogbo èsì rẹ̀ sì bọ́ sórí n tí kì í ṣe tirẹ̀. Àyẹ̀wò àròpọ̀ kò lè rí irú èyí, nítorí pé kò sí nọ́ńbà tó sọnù, àyè wọn nìkan ló yí.

Mo tún àtẹ náà tò:

```
      2  -1   3   1
 1    2  -1   3   1
 0    0   0   0   0
-2   -4   2  -6  -2
```

Ìlà adagẹ̀rẹ̀ kẹta fún mi ní 3 + 0 − 4, èyí tí í ṣe −1; ìkẹrin fún mi ní 1 + 0 + 2, èyí tí í ṣe 3. Odindi èsì náà ni 2, −1, −1, 3, −6, −2.

Ó ku ibi tí èsì ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí àyẹ̀wò méjèèjì kò lè sọ. A ó ro ìbẹ̀rẹ̀ x àti ti h pọ̀: −1 + 0 jẹ́ −1, nítorí náà èsì náà, y[n], lọ láti n = −1 dé n = 4. Mo ti fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà tó wà ní n = 0 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn −1 nínú x àti 1 nínú h. Ìlà adagẹ̀rẹ̀ kejì ló gba ibi tí wọ́n ti pàdé kọjá, nítorí náà y[0] jẹ́ −1.