Bí mo ṣe kọ ìbéèrè nígbà tí bíìmù wọ inú fèrèsé

Àwòrán akitẹ́ẹ̀tì, A-301, fi orí fèrèsé W4 sí mìlímítà 2500 láti ilẹ̀. Àwòrán ẹnjiníà, S-204, gbé bíìmù tí gíga rẹ̀ jẹ́ 600 gba orí ògiri kan náà. Láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dé ilẹ̀ òkè jẹ́ 3000. Ẹni tó bá kánjú yóò yọ 600 kúrò nínú 3000, yóò ní 2400, yóò sì kọ̀wé pé 100 ni bíìmù fi wọ inú fèrèsé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí táìsì ni akitẹ́ẹ̀tì ti ń wọn gíga, orí kọnkéré ni ti ẹnjiníà. Sìmẹ́ńtì àti táìsì òkè gba 50 níbí, nítorí náà orí dẹ́kìn wà ní 2950, ìsàlẹ̀ bíìmù sì wà ní 2350. 150 gan-an ni ó fi wọlé.

Mo tún wo S-204 bóyá 600 náà ka dẹ́kìn mọ́ ọn. Ó kà á. Ká ní kò kà á ni, tí dẹ́kìn sì nípọn tó 150, ìsàlẹ̀ bíìmù ìbá já sí 2200, ìbéèrè náà ìbá sì yàtọ̀ pátápátá. Mi ò fi rúlà wọn bébà rárá, torí ìwé tí wọ́n tẹ̀ máa ń sún kì. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìkan ni mo lò. Mo sì rí i dájú pé ẹ̀dà tó kẹ́yìn ni àwòrán méjèèjì.

“Bíìmù yín bo fèrèsé, ẹ tún un ṣe” kò wúlò: kò sọ ibi tó wà, ó sì ti dá ẹnì kan lẹ́bi. Ohun tí mo kọ nìyí:

“Bíìmù B7, ìlà C, láàárín ìlà 3 àti 4. A-301, ẹ̀dà C: orí W4 wà ní 2500. S-204, ẹ̀dà B: B7 jẹ́ 225 × 600, dẹ́kìn wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní 2350. Ìyàtọ̀ jẹ́ 150. Ṣé ká sọ orí W4 kalẹ̀ sí 2350 ni, àbí ẹ ó yí B7 padà? Ọjọ́bọ̀ la fẹ́ gé irin B7. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká rí ìdáhùn yín kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.”

Mi ò dámọ̀ràn 450 fún bíìmù. Tí gíga rẹ̀ bá dín kù, irin inú rẹ̀ yóò yí padà, ẹnjiníà ló sì lè ṣírò ìyẹn. Bákan náà, bí W4 bá wálẹ̀, kò ní bá àwọn fèrèsé yòókù dọ́gba lójú ilé. Akitẹ́ẹ̀tì ló ni ìpinnu yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi fi ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì pọ̀, pẹ̀lú ibi tọ́rọ̀ kàn tí mo gé láti inú àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí mo sì fi pupa yí po.

Ìlà ìkẹyìn ni: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwòrán tí ẹ ti tún ṣe dáhùn. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti dáhùn, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì dá a padà fún yín kí ẹ fọwọ́ sí i ká tó gé irin.”