Ẹ̀yin atúmọ̀-èdè tuntun, ẹ yé ki ara yín ní oríkì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó jẹ́ atúmọ̀-èdè fi ohun tí wọ́n bá a kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó fẹ́ fi wá oníbàárà, ránṣẹ́ sí mi. Náírà 15,000 ló san fún un. Mo kà á: «Mo jẹ́ atúmọ̀-èdè tó já fáfá, olóòótọ́, òṣìṣẹ́ takuntakun.» Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ọ̀lẹ á kọ ọ́ síta pé ọ̀lẹ lòun ni?

1. Má kọ ọ́ pé o gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìyá rẹ náà gbọ́ ọ.

2. «Mo mọ àmì ohùn dunjú.» Èyí ló ń bí mi nínú jù, torí pé ọ̀pọ̀ tó ń kọ ọ́ kì í fi àmì kankan sórí gbólóhùn ọ̀hún gan-an! Mo bi àbúrò yìí pé iṣẹ́ wo ló ṣe kẹ́yìn. Ó ní ìwé ìlò oògùn ibà ọmọdé ni, ojú ewé 8, tí ẹnì kan ti túmọ̀ tẹ́lẹ̀ láìfi àmì sí i. Wọ́n kọ «igba meji lojumo» síbẹ̀. Ìgbà ni àbí igbá? Oògùn olómi mà ni o! Mo ní kó pa «já fáfá» rẹ́, kó kọ báyìí:

«Mo tún ìtúmọ̀ ìwé ìlò oògùn ibà ọmọdé ṣe, ojú ewé 8. ‘Igba meji lojumo’ tó wà níbẹ̀ ṣeé kà sí igbá méjì. Mo sọ ọ́ di ‘ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́’, mo sì yẹ gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ ìwọ̀n oògùn wò bákan náà.»

Ẹni tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún un á rí ohun tí ojú rẹ̀ lè tọ́ka sí.

Èmi náà ò kúkú sàn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. «Akíkanjú, aláápọn» ni mo pe ara mi, bí ẹni ń sun ìjálá fúnra rẹ̀. Oníbàárà kan wá bi mí pé ṣé lẹ́tà «ẹ́» tí mo bá tẹ̀ ò ní di àpótí òfìfo lórí ẹ̀rọ àwọn. N kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń sọ. Ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀: ẹ (U+1EB9) la máa ń tẹ̀, ká tó fi àmì òkè (U+0301) lé e, àwọn fọ́ǹtì kan kì í sì gbé méjèèjì pọ̀ dáadáa. Ní báyìí, ohun tí mo kọ ni pé mo máa ń fi fọ́ǹtì oníbàárà wo iṣẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́.

Má bu iye iṣẹ́ tí o kò lè fi hàn pé o ṣe. Wọ́n á ní kí o mú ojú ewé kan wá.

Tí o bá ti ṣàdéhùn pé o ò ní tú àṣírí oníbàárà, sọ irú ìwé tó jẹ́ àti ìṣòro tí o yanjú, má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Tí o kò bá tíì rí iṣẹ́ ṣe rárá, túmọ̀ ìpínrọ̀ kan fúnra rẹ, kí o sì sọ ọ́ gbangba pé ìdánrawò ni.

Àbúrò mi ti tún tirẹ̀ kọ. «Já fáfá» kan ṣì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ní owó tí òun san ló ń dun òun.